Bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣírò bóyá ETF kan ń tẹ̀lé atọ́ka rẹ̀, àti ibi tí mútúà fọ́ńdì ti yàtọ̀ sí i

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ fi ìṣirò dáhùn. Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá sọ pé ETF kan, ìyẹn àpò owó tí a ń rà tí a sì ń tà lórí ọjà bíi ṣíà, ń tẹ̀lé atọ́ka ọjà, báwo ni èmi tí mo fẹ́ fi owó sí i ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni? Èkejì, bí mútúà fọ́ńdì kan, ìyẹn àpò owó tí a ń rà lọ́wọ́ àpò náà fúnra rẹ̀, bá ń tẹ̀lé atọ́ka yẹn kan náà, níbo gan-an ni àwọn méjèèjì ti pínyà? Mo mú atọ́ka S&P 500 torí pé ẹnikẹ́ni ló lè rí iye rẹ̀ láìsanwó. Mo mú SPY, ETF tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993, mo sì mú VFIAX, mútúà fọ́ńdì tó ń tẹ̀lé S&P 500 bákan náà. Láti ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn 2022 dé ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn 2023 ni mo fi ṣe àyẹ̀wò náà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí atọ́ka jẹ́. Atọ́ka kì í ṣe ohun tí èèyàn lè rà. Ìṣirò lásán ni. S&P 500 kó nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà jọ, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí gbogbo ṣíà rẹ̀ tó wà lọ́jà ṣe tó lówó. SPY ló wá ń fi owó gidi ra ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àwọn tó ń bójú tó àpò náà ń sáré rà, wọ́n ń sáré tà lójoojúmọ́ kí wọ́n lè bá atọ́ka dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣíà ilé iṣẹ́ kan bá gbówó lórí, ìwọ̀n rẹ̀ nínú atọ́ka á ga, ìwọ̀n rẹ̀ nínú àpò á sì ga bákan náà fúnra rẹ̀, torí pé iye ṣíà tó wà nínú àpò kò yí padà. Iṣẹ́ máa ń dé nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá wọlé sínú atọ́ka tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́, nígbà tí iye ṣíà tó wà lọ́jà bá yí padà, àti nígbà tí èrè orí ìpín, ìyẹn èrè tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn onípìn-ín, bá wọlé tí owó sì wà nílẹ̀ tí kò tíì di ṣíà. Ibẹ̀ ni àpò ti lè ṣìnà díẹ̀ kúrò lẹ́yìn atọ́ka.

Ìṣirò àkọ́kọ́ rọrùn. Mo wá iye tí ọjà pa dé lórí atọ́ka àti lórí SPY ní ìparí ọdún méjèèjì, mo sì pín èyí tó kẹ́yìn sí èyí tó ṣáájú:

```
S&P 500:  4769.83 / 3839.50 - 1 = 0.2423
SPY:       475.31 /  382.43 - 1 = 0.2429
```

Atọ́ka lọ sókè ní 24.23%, SPY lọ sókè ní 24.29%. Ẹni tó bá dúró síbí á máa yọ̀ pé àpò náà tilẹ̀ ṣe ju atọ́ka lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àpò tó ń gba owó ìṣàkóso tó yẹ kó borí ohun tó ń tẹ̀lé, nítorí náà ìdáhùn yìí fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n kò pé. Atọ́ka tí wọ́n máa ń kà nínú ìròyìn, iye owó ṣíà nìkan ló ń kà. Kò ka èrè tí àwọn ilé iṣẹ́ náà pín fún àwọn onípìn-ín. SPY ní tirẹ̀ ń gba èrè náà, ó ń kó o jọ, ó sì ń pín in fún àwọn tó ni ín lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a fi àpapọ̀ èrè wé àpapọ̀ èrè. Àwọn tó ń ṣírò S&P 500 ní ẹ̀dà kejì, èyí tó gbà pé gbogbo èrè orí ìpín padà sínú ṣíà lójú ẹsẹ̀. Lórí Yahoo Finance, `^SP500TR` ni a ó tẹ̀ kí a tó rí i. Ó parí 2022 sí 8178.02, ó sì parí 2023 sí 10327.83. Pín in, wàá rí 26.29%. Èyí ni òṣùwọ̀n tó yẹ ká gbé SPY lé.

Ní ọ̀dọ̀ SPY, mo wo èrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pín ní 2023: 1.506, 1.638, 1.583 àti 1.906 dọ́là lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò tọ́ kí a kàn ro wọ́n pọ̀ kí a sì fi kún iye ìparí, torí pé èrè tó wọlé ní oṣù kẹta ti yẹ kó máa bí èrè mìíràn títí ọdún fi parí. Mo pín èrè kọ̀ọ̀kan sí iye owó SPY ní ọjọ́ tí èrè náà kúrò lára rẹ̀, mo fi 1 kún un, mo sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ìsọdipúpọ̀. Ó fún mi ní nǹkan bí 1.0153. Lẹ́yìn náà:

```
1.2429 * 1.0153 = 1.2619
```

SPY mú 26.19% wá fún ẹni tó dá gbogbo èrè rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Atọ́ka mú 26.29%. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 0.10%, owó ìṣàkóso SPY sì jẹ́ 0.0945% lọ́dún. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, ohun tó sì yẹ ká máa wá nìyẹn: àpò tó ń tẹ̀lé atọ́ka dáadáa yóò fi nǹkan bí iye owó ìṣàkóso rẹ̀ rẹ̀yìn sí atọ́ka lọ́dọọdún. Bí àlàfo bá fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju owó ìṣàkóso lọ, a ní láti béèrè ibi tí ìyókù gbà. Mi ò ní jà lórí 0.01% ṣá, torí pé iye tí ọjà pa dé lórí ẹyọ ETF lè fi bíńtín yàtọ̀ sí iye ohun tó wà nínú àpò lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá yíjú sí mútúà fọ́ńdì. VFIAX mú 26.24% wá ní 2023, owó ìṣàkóso rẹ̀ sì jẹ́ 0.04%. Òun náà tẹ̀lé atọ́ka dáadáa, àní ó sún mọ́ ọn ju SPY lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ETF ló ń tẹ̀lé atọ́ka tí mútúà fọ́ńdì kì í sì í tẹ̀lé e, kò wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mútúà fọ́ńdì wà tó ń tẹ̀lé atọ́ka, òmíràn sì wà tí olùṣàkóso rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ yan ṣíà tó wù ú. Ibi tí ETF àti mútúà fọ́ńdì ti pínyà ni bí owó ṣe ń wọlé àti bí ó ṣe ń jáde.

Nínú mútúà fọ́ńdì, àpò náà fúnra rẹ̀ ni a ń bá ṣòwò. Bí mo bá fi ẹgbẹ̀rún dọ́là ránṣẹ́ lówùúrọ̀, mi ò tíì mọ iye tí màá rà á. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Niú Yọ́ọ̀kì, nígbà tí ọjà bá pa dé, wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú àpò, wọ́n á yọ gbèsè kúrò, wọ́n á sì pín in sí iye ẹyọ tó wà níta. Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní NAV, òun sì ni gbogbo ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́rin máa rà á. Iye kan ṣoṣo ló wà lójúmọ́ kan.

ETF ní tirẹ̀ wà lórí ọjà bíi ṣíà èyíkéyìí. Bí mo bá ra SPY ní aago mọ́kànlá, ọwọ́ ẹlòmíràn tó fẹ́ tà ni mo ti rà á, àpò náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ìbéèrè tó wá sọ́kàn mi ni pé kí ló ń dá iye ọjà yẹn dúró nítòsí NAV, nígbà tó jẹ́ pé èmi àti ẹni tó tà á fún mi lè fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó bá wù wá?

Àwọn alágbàtà ńlá kan tí wọ́n bá àpò náà tọwọ́ bọ̀wé ló ń ṣe é. Àwọn nìkan ló lè lọ bá àpò náà tààrà, iye tó kéré jù tí wọ́n sì lè gbà lọ́dọ̀ SPY jẹ́ 50,000 ẹyọ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ohun tó wà nínú ẹyọ kan tó 475 dọ́là, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń rà á ní 476. Alágbàtà á ra àwọn ṣíà inú atọ́ka náà ní ìwọ̀n tó yẹ, á kó wọn fún àpò, àpò á fún un ní 50,000 ẹyọ tuntun, á sì tà wọ́n lọ́jà. Dọ́là kan lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50,000 dọ́là, kí a tó yọ ìnáwó rẹ̀ kúrò. Bí ẹyọ tuntun ṣe ń wọ ọjà, iye á máa wálẹ̀. Bí iye ọjà bá kéré ju 475 lọ, á ṣe é láti òdì kejì: á ra ẹyọ lọ́jà, á dá wọn padà fún àpò, á sì gba ṣíà. Ojú èrè tirẹ̀ ló ń wò, àmọ́ èrè tó ń lé yẹn ló ń dá iye ETF padà sí àyè rẹ̀.

Ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ohun inú àpò ti rọrùn láti rà àti láti tà. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí ìbẹ̀rù àrùn Kòrónà mú kí ọjà ìwé ìgbèsè gan, àwọn ETF ńláńlá kan tó ń tẹ̀lé atọ́ka ìwé ìgbèsè tà fún iye tó fi ohun tó ju 5% kéré sí NAV wọn. Ẹni tó tà lọ́jọ́ yẹn pàdánù owó tí atọ́ka kò fi hàn. Láti mọ̀ bóyá àpò kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń wo ojú ewé rẹ̀ fún ìyàtọ̀ láàárín iye ọjà àti NAV ní oṣù tó le jù, mi ò kì í wo àròpín ọdún, torí àròpín máa ń bo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ètò kan náà ló fa ìyàtọ̀ lórí owó orí ní Amẹ́ríkà. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ jáde kúrò nínú mútúà fọ́ńdì, ó lè di dandan fún àpò láti ta ṣíà kó lè rí owó san, èrè títà náà á sì di ohun tí àwọn tó ṣẹ́kù máa san owó orí lé lórí, bí wọn ò tilẹ̀ tà rárá. ETF lè fi ṣíà gidi lé alágbàtà lọ́wọ́ dípò owó, òfin ibẹ̀ kò sì ka èyí sí títà tó bí èrè tí a ó pín fún àwọn tó kù. VFIAX bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìṣòro yìí torí pé VOO, tó jẹ́ ETF, wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, owó tí mo ń fi sílẹ̀ lóṣooṣù ni mo fi sínú mútúà fọ́ńdì. Mo lè fi iye tó bá wà lọ́wọ́ ránṣẹ́ láìka ẹyọ, kò sì sí àlàfo láàárín iye olùrà àti iye olùtà tí màá san. ETF ni mo lò fún owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró títí ọjà fi ṣí fún bí ìdajì wákàtí, kí àwọn ṣíà inú àpò ti ní iye tó fìdí múlẹ̀, mo wá kọ iye tó ga jù tí mo lè rà á, n kò sì gba iye yòówù tí ọjà bá mú wá.