Púútírẹ́lì tó fúyẹ́ jù tó sì lè gbé àjà àgbàdo yín

Bàbá kan nítòsí Kétu pè mí pé kí n wá wo àjà tí òun fẹ́ tẹ́ sórí yàrá ẹ̀yìnkùlé òun, ibẹ̀ ló fẹ́ máa kó àpò àgbàdo sí kí ọ̀rinlẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Súdọ̀ ti kọ lístì fún un, púútírẹ́lì HEA 100 mẹ́fà, ó ní torí ó nípọn, ó sì wúwo, irin gidi nìyẹn. Mo ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó nawó." Bẹ́ẹ náà bá fẹ́ tẹ́ àjà, ẹ tẹ̀lé mi, ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí irin gbé ẹrù kì í ṣe bó ṣe wúwo tó, bí ara ẹ̀ ṣe tò ni. Ẹ mú pákó kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ fi dá afárá sórí gọ́tà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ gun orí ẹ̀, ó máa tẹ̀ gan-an. Ẹ wá gbé pákó yẹn kan náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Pákó kan náà ni o, kílò kan náà. Nọ́ńbà tó ń sọ ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ń kọ ní W nínú tábìlì irin, ti pákó ni ìbú ẹ̀ lọ́nà gíga ẹ̀ lọ́nà gíga ẹ̀ pín sí mẹ́fà: tó bá sùn ó jẹ́ 62.5, tó bá dúró ó jẹ́ 187.5, ìlọ́po mẹ́ta gbáko. Ìdí nìyẹn tí IPE, tó ga tí kò fẹ̀, fi máa ń fúyẹ́ ju HEA tó fẹ̀ lọ tí W wọn bá sún mọ́ra.

Ó yá, ká padà sí yàrá bàbá. Yàrá náà jẹ́ mítà 7 ní gígùn, ìbú ẹ̀ nínú jẹ́ mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 70. Púútírẹ́lì máa gba ibi tó kúrú kọjá, kò sẹ́ni tó ń gba ibi tó gùn. Ó máa jókòó sórí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ mítà 4 ni irin kọ̀ọ̀kan, mo sì fi mítà 4 yẹn ṣírò láìyọ nǹkan kan, ó kúkú sàn kó ṣẹ́kù díẹ̀. Mítà kan ló wà láàárín irin kan sí ìkejì, torí náà mẹ́fà la nílò, irin gígùn mítà 12 méjì péré ló sì máa jáde nínú ẹ̀, láìsí àjákù.

Ẹrù ńkọ́? Àpò àgbàdo 100 kílò tó bá sùn sílẹ̀ máa ń gba bíi mítà kan sí sẹ̀ǹtímítà 60. Bàbá ní àpò méjì lórí ara wọn lòun máa tò. Ìyẹn jẹ́ 200 kílò lórí 0.6, tó ń lọ sí bíi 333 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó, mo sọ ọ́ di 350, mo fi 50 kún un fún pákó àti ìṣó àtẹni tó ń rìn lórí ẹ̀, ó di 400. Torí pé mítà kan ni irin sí irin, 400 kílò ni mítà kọ̀ọ̀kan irin ń gbé. Ẹ pe ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan ní w kékeré, gígùn irin ní L, agbára tó ń fẹ́ tẹ irin láàárín ní M. Ó wá kù:

```
M = w × L × L ÷ 8 = 400 × 4 × 4 ÷ 8 = 800 kg·m
W = M × 100 ÷ 1600 = 50 cm³
```

Ibi tí 1600 ti wá ni pé irin S235 tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìpadà ní bíi 2400 kílò lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, a ò sì ní jẹ́ kó dé ibẹ̀, la ṣe ń dúró sí 1600.

Ẹ wá gbé tábìlì wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè, irin àkọ́kọ́ tí W ẹ̀ bá ju 50 lọ ni tiyín, ẹ má fo ìkan kọjá.

```
IPE 100    8.1 kg/m   W 34.2   I 171
IPE 120   10.4 kg/m   W 53.0   I 318
IPE 140   12.9 kg/m   W 77.3   I 541
IPE 160   15.8 kg/m   W 109    I 869
HEA 100   16.7 kg/m   W 72.8   I 349
```

IPE 120 ni. Ẹ rántí pé irin fúnra ẹ̀ ní kílò, ẹ fi 10 kún 400, W tá a nílò di 51.25, 53 ṣì ju ìyẹn lọ. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé dé, mo sì ti rí àjà tí wọ́n pa ìwé ẹ̀ dé báyìí, kò wó o, àmọ́ pákó ẹ̀ ń ké jẹẹ jẹẹ tí ẹnikẹ́ni bá ń rìn lórí ẹ̀, ilé ìsàlẹ̀ sì ń rí i pé àárín ẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀. Torí irin tí kò ní ṣẹ́ ṣì lè tẹ̀ jù. I inú tábìlì yẹn, nọ́ńbà tó ń sọ bí irin ṣe ń kọ̀ láti rọ̀ tó, ló ń dáhùn èyí, f sì ni bí àárín ẹ̀ ṣe máa rọ̀ sílẹ̀ tó:

```
f = 5 × w × L⁴ ÷ (384 × E × I)
```

Níbí gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kílò àti sẹ̀ǹtímítà o: w jẹ́ 4.1, L jẹ́ 400, E, tó ń sọ bí irin fúnra ẹ̀ ṣe le tó, jẹ́ 2100000. IPE 120 máa rọ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.05 láàárín. Èyí tá a lè gbà ni gígùn pín sí 250, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1.6. Kò yege. A sọ̀ kalẹ̀ sí IPE 140, ó rọ̀ ní 1.2 péré, ó yege. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni HEA 100 tí súdọ̀ kọ: ó wúwo ju IPE 140 lọ, síbẹ̀ á rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.9, torí ó kúrú lóòró. Fún mítà 24, IPE 140 jẹ́ 310 kílò, HEA 100 jẹ́ 401, ẹ fi kílò 91 yẹn lọ́nà iye tí wọ́n ń ta kílò irin l'Ájàṣẹ́ tàbí ní Pọ́bẹ̀ẹ́, ẹ máa rí owó tó ń lọ lásán. HEA ní ibi tiẹ̀ o, bí òrùlé bá ti kúrú jù tí kò sáyè fún irin gíga, ẹ lè lò ó, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ ń sanwó fún àyè yẹn.

Ìṣirò yìí dúró lórí pé pákó gbọ́dọ̀ di etí òkè irin mú, kí wọ́n kàn án mọ́ ọn tàbí kí wọ́n fi bóòtù dè é, bí etí yẹn bá wà lófìfo, irin gíga lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dé iye tá a ṣírò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí etí ìsàlẹ̀ láàárín gígùn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń fara da jù.

Tí irin bá dé, ẹ wọ̀n ọ́n kí mọ́tò tó lọ. IPE 140 tó péye, etí ẹ̀ nípọn ní mílímítà 6.9, àárín ẹ̀ 4.7, ìbú 73. Mo ti gba ẹrù rí tí wọ́n kọ 140 sí lára, tí gíga ẹ̀ pé 140 lóòótọ́ àmọ́ etí ẹ̀ kò pé 6, gbogbo W àti I tábìlì kò sí fún irú irin yẹn mọ́, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ irin àlòkù, ẹ há ìpẹtà kúrò kẹ́ ẹ tó wọ̀n.

Orí ògiri alámọ̀ tún wà níbẹ̀: orí irin kọ̀ọ̀kan máa ń gbé bíi 826 kílò lé ògiri, ìyẹn á rì wọ inú amọ̀. Bàbá ní kí màsọ́ọ̀n da bẹ́tọ́ọ̀nù sí abẹ́ orí kọ̀ọ̀kan ká tó gbé irin lé e. Mo wá fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri àjà, ní gíga àpò méjì, nítorí tí wọ́n bá to mẹ́rin, W tí a nílò á ju 90 lọ, IPE 160 nìyẹn, kì í ṣe ohun tó wà lókè yìí.