Ẹsẹ Tó Dá Lórí Owó Sísan Nínú Ìwé Àdéhùn Ilé Kíkọ́

Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá gbé ìwé àdéhùn wá, àpapọ̀ iye owó ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ máa ń wò, bí iye yẹn bá sì ti tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a buwọ́ lùwé láìka ìyókù tán. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ tó sọ ìgbà tí a ó máa san owó náà ló ń pinnu ẹni tí yóò pàdánù bí iṣẹ́ bá dúró lójijì.

Ká ní a pín gbogbo owó iṣẹ́ sí ọ̀nà 100, tí ìwé àdéhùn sì sọ pé onílé yóò san 40 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 30 bí ìpìlẹ̀ bá parí, 25 bí wọ́n bá kan òrùlé tán, àti 5 ní ọjọ́ tí wọ́n bá fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí, ilé tí wọ́n ti kan páànù sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì rẹ́ ògiri, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé, wáyà iná àti páìpù omi kò tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àjà, táìlì àti ọ̀dà ṣì wà níwájú. Bí ìwé ìṣirò bá fi hàn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò gba 40, a jẹ́ pé iṣẹ́ 60 ni agbaṣẹ́ṣe ti ṣe, ó sì ti gba 95. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, 5 péré ló kù lọ́wọ́ onílé láti fi ṣe iṣẹ́ 40.

Ohun tí ẹ ó béèrè fún ni pé kí owó máa tẹ̀lé iṣẹ́. Fún ilé kan náà, ẹ lè san 10 ní ìbẹ̀rẹ̀, 15 lẹ́yìn ìpìlẹ̀, 15 nígbà tí ògiri bá ga dé ibi tí òrùlé yóò jókòó lé, 20 lẹ́yìn òrùlé, 20 lẹ́yìn wáyà, páìpù àti ògiri rírẹ́, 15 nígbà tí ilé bá parí, kí 5 sì wà lọ́wọ́ yín fún ìgbà díẹ̀ sí i. Bí òrùlé bá parí, 60 ti jáde, iṣẹ́ 60 sì wà nílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lè sọ pé 10 kò tó fi ra ohun èlò, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Kàkà kí ẹ fi kún owó àsansílẹ̀, ẹ lè fúnra yín ra sìmẹ́ńtì àti irin, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ó yọ iye wọn kúrò nínú owó ìpele tó kàn.

Gbólóhùn bíi “bí ìpìlẹ̀ bá parí” kò tó. Birikila lè kà á sí píparí nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti yọ sókè ilẹ̀, nígbà tí onílé ń retí pé kí wọ́n ti da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ ilé. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ pé ìpìlẹ̀ parí nígbà tí wọ́n bá ti to búlọ́ọ̀kù dé ìwọ̀n tó wà nínú àwòrán, tí wọ́n ti fi erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, tí wọ́n gún un mọ́lẹ̀, tí wọ́n da kọnkéré lé e, tí ẹni tí onílé yàn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó tún sọ pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi tó yín létí, ó kéré tán ní ọjọ́ 2 ṣáájú, kí wọ́n tó da kọnkéré bo irin èyíkéyìí, nítorí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó lè ka irin náà mọ́.

Àyípadà ẹnu lásán ni ọ̀tá kejì, onílé fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń dá a sílẹ̀. “Ẹ kàn bá mi sún ògiri yìí sẹ́yìn díẹ̀,” ni yóò sọ, láìmọ̀ pé sísún ògiri lè béèrè ìpìlẹ̀ mìíràn àti òrùlé tó gùn sí i. Kí àdéhùn sọ pé iṣẹ́ àyípadà kankan kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá buwọ́ lu ìwé tó sọ ohun tó yí padà, iye owó tó lé tàbí tó dín, àti iye ọjọ́ tí yóò fi kún iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ “tó dín” yẹn ṣe kókó, torí ohun tí a yọ kúrò náà ní owó nínú.

Ní ti 5 tó kù lọ́wọ́ yín, owó àtúnṣe ni. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìdajì rẹ̀ máa ń jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ilé, ìdajì yòókù lẹ́yìn oṣù 6 tàbí 12. Ẹ yan oṣù 12. Òrùlé tó ń jò kì í fi ara hàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù 6 sì lè parí kí òjò gidi kankan tó rọ̀. Bí ẹ bá rí àbùkù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe kí àkókò náà tó pé. Kí ẹsẹ náà fún un ní ọjọ́ pàtó, bí ọjọ́ 14, láti wá tún un ṣe, kí ó sì sọ gbangba pé bí kò bá wá, ẹ lè fi owó tó wà lọ́wọ́ yín gba ẹlòmíràn sí iṣẹ́ náà, kí ẹ dá èyí tó bá ṣẹ́ kù padà fún un.