Bí mo ṣe bọ́ gíríìn kúrò létí irun akọrin kan

Owó tí mo san fún sítúdíò yẹn kò dùn mí tó wàhálà tí wọ́n dì fún mi gbé lọ sílé. Kí a tó tan iná rárá ni mo ti sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé akọrin tí à ń yà tú irun rẹ̀ sílẹ̀ ni, irun àdáyébá tó kún dáadáa, torí náà kó jẹ́ kó dúró jìnnà sí aṣọ gíríìn ẹ̀yìn rẹ̀ tí màá yọ kúrò nínú fídíò tó bá yá, mítà méjì ó kéré tán. Ó ní ibi tí gbogbo èèyàn ń dúró sí nìyẹn, ẹnì kan ò sì ṣàròyé rí. Mítà kan kò sí láàárín ẹ̀yìn arábìnrin náà àti aṣọ. Bí iná ṣe ń ba aṣọ ló ń ta padà sí i lẹ́yìn orí àti èjìká.

Yíyọ aṣọ gíríìn fúnra rẹ̀ kò le. Nínú After Effects tí mo fi ń tún fídíò ṣe, mo gbé Keylight, irinṣẹ́ tó ń yọ aṣọ gíríìn, lé fídíò náà, mo fi Screen Colour mú gíríìn tó wà lẹ́bàá irun, aṣọ lọ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ìyẹn.

Irun ló dá mi dúró. Tí ẹ bá gbé View sí Screen Matte, ohun tó funfun ló máa dúró, ohun tó dúdú ló máa lọ, àwọ̀ eérú tó wà láàárín wọn sì ni etí irun. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúdú tán, mo bá ń gbé Clip Black, tó ń sọ eérú tó ṣókùnkùn di dúdú, sókè. Bí ẹ̀yìn ṣe ń mọ́ ni irun ń gé, títí orí arábìnrin náà fi dà bí ẹni dé fìlà. N kò lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ohun tó gbà mí ni pé mo sọ fídíò náà di ẹ̀dà méjì. Ti òkè wà fún ara: mo le Clip Black àti Clip White, tó ń sọ eérú tó mọ́lẹ̀ di funfun, mọ́ra, mo sì fi Screen Shrink/Grow fa etí rẹ̀ wọlé díẹ̀, ìyẹn sì gé gíríìn èjìká dànù. Ti ìsàlẹ̀ wà fún irun nìkan: mo ya másíkì yí orí ká, Clip Black rẹ̀ kò ju 3 lọ. Gbogbo fọ́nrán irun padà wá.

Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá pẹ̀lú gíríìn lára. Gíríìn méjì ló pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ara aṣọ. Èkejì ni pé fọ́nrán irun kan tín-ín-rín ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, àmì náà á wá gba irun díẹ̀, á gba aṣọ díẹ̀. Ìkejì yìí kò ṣeé sá fún ní sítúdíò kankan, àmọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá yẹn ló fà á.

Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń fi pa gíríìn yìí nìyí, R ni pupa àmì kọ̀ọ̀kan, G ni gíríìn rẹ̀, B ni búlúù rẹ̀:

```
G = min(G, (R + B) / 2)
```

Ẹ mú àmì kan létí irun rẹ̀: R 70, G 110, B 50. Ìdajì àròpọ̀ R àti B jẹ́ 60, gíríìn á sọ̀kalẹ̀ sí 60, irun á padà di dúdú tó pọ́n díẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n búbà yẹ́lò ni arábìnrin náà wọ̀! R 220, G 200, B 60: gíríìn já sí 140, búbà di àwọ̀ ọsàn lójú mi. Keylight fúnra rẹ̀ náà máa ń pa gíríìn báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé View ẹ̀dà méjèèjì sí Intermediate Result, kó yọ aṣọ nìkan kó má fọwọ́ kan àwọ̀. Mo wá fi Advanced Spill Suppressor, tó ń pa gíríìn tó ta sára, sí ẹ̀dà irun nìkan. Búbà padà sí yẹ́lò rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Tí gíríìn bá ti kúrò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ náà ti kúrò nìyẹn, etí irun á ṣókùnkùn. Lórí ògiri funfun tí oníbàárà fẹ́, ó hàn bí ilà dúdú yí orí ká. Nínú Advanced Spill Suppressor yẹn, mo yí Method sí Ultra, mo gbé Luma Correction sókè díẹ̀díẹ̀ títí ilà náà fi yọ́ mọ́ ògiri. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo sún un mọ́ra tí mo rí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.

Ibì kan péré ló kọ̀: ibi tó ti mi orí tagbáratagbára. Irun àti aṣọ ti pò pọ̀ níbẹ̀ láti inú kámẹ́rà, kò sì sí ohun tó lè yà wọ́n mọ́. Àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lórí máíìkì ni mo fi bo ibẹ̀.