Fìríìjì oníná gáàsì mi àti pákó ilẹ̀ tó fì

Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni mo kó fún ẹni tó ní òun máa bá mi tún fìríìjì ṣe, bẹ́ẹ̀ fìríìjì ọ̀hún kò bàjẹ́ rárá. Inú ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Síláńdà gáàsì kílò 12.5 kan jó tán láìmú nǹkan kan tutù, ẹja tí mo fi pamọ́ rà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ tún wà lọ́tọ̀. Nítorí kí ó má baà ṣe ẹlòmíì ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́.

Orí omi là ń gbé, ní Ìlàjẹ. Orí òpó ni ilé wa dúró sí, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, iná ìjọba kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Omi tútù àti mínírà ni mo ń tà. Tẹ́lẹ̀, yìnyín ni mo máa ń rà wá láti Ìgbòkòdá, ìdajì rẹ̀ á sì ti yọ́ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Nígbà tí mo wá rí fìríìjì àlòkù kan tó jẹ́ pé iná gáàsì ló ń lò, mo rà á lójú ẹsẹ̀. Bí a ṣe gbé e wọ ọkọ̀ àti bí a ṣe so ọ̀pá gáàsì mọ́ ọn kò lẹ́jọ́ nínú, ẹni tó bá ti lo sítóòfù gáàsì rí mọ̀ ọ́n. A gbé e sí igun ilé lẹ́bàá fèrèsé, a fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ooru lè rí ibi gbà jáde, mo tanná sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ń yangàn kiri àdúgbò. Omi ń dì gbagidi. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé ó ti di pé kí omi kàn tutù díẹ̀. Nígbà tó yá, omi inú fìríìjì àti omi inú kòtò ti di ọgbọọgba, iná náà sì ń jó lábẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó mọ́, àwọ̀ búlúù.

Mo wá ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe ní ìlú. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Mádàámù, gáàsì ti tán." Mo tọ́ka sí síláńdà, mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni. Ó ní kì í ṣe èyí tó ń jó, pé gáàsì tó wà nínú ara fìríìjì gan-an lòún ń wí, òun sì máa rọ òmíràn sí i. Mo gbà á gbọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe sí fìríìjì oníná mànàmáná. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kí n wá wò ó. Mo kiwọ́ bọ ibi tí yìnyín ti ń dì, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo gbé e padà sílé, igun rẹ̀ àtijọ́ náà la sì gbé e sí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó tún daṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá kan tó ń gbé ilé kejì sí wa ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ayé ọ̀dọ́ wọn, wọ́n lo fìríìjì kẹrosíìnì láti fi ta bíà. Wọn kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, fún mi ní àwo pẹrẹsẹ kan, kí o bu omi díẹ̀ sí i." Wọ́n gbé àwo náà sórí ilẹ̀ ibi tí yìnyín ti ń dì. Gbogbo omi rọ́ lọ sí apá ọ̀tún, apá òsì àwo gbẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bí omi yìí ṣe ń sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó wà nínú páìpù rẹ̀ ń ṣe. Fìríìjì yìí kò ní ẹ̀ńjìnnì o."

Gbólóhùn yẹn ló là mí lójú. Fìríìjì oníná mànàmáná tí gbogbo wa mọ̀ ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, èyí tó ń dún hùùù nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yẹn ló ń fi agbára ti gáàsì gba inú páìpù. Bí páìpù gòkè, bó sọ̀ kalẹ̀, bí ilé tilẹ̀ fì díẹ̀, títì ni yóò máa tì í. Ohun tí òun kò fẹ́ ni kí a dá a dùbúlẹ̀ kí a sì tàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí òróró inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á ti ṣàn lọ síbi tí kò yẹ. Bó bá ti nàró fún wákàtí mélòó kan, òróró á padà sáyè rẹ̀.

Tèmi kò ní ohun kankan tó ń ti nǹkan. Omi, amóníà àti háídírójìn ni wọ́n há mọ́ inú páìpù rẹ̀, wọ́n sì jó gbogbo ojú páìpù pa láti ilé iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ará Súwídìn, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1922. Iná tó ń jó nísàlẹ̀ ń se omi tí amóníà wà nínú rẹ̀. Bó ti ń hó, ìfófòó rẹ̀ á máa gbé omi gòkè nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹ̀kọ ṣe máa ń ru sókè nínú ìkòkò. Amóníà á di afẹ́fẹ́, á kúrò lára omi, á gòkè lọ sí páìpù òkè, á tutù níbẹ̀, á sì di olómi. Láti ibẹ̀, ìṣàn nìkan ló kù. Amóníà náà á rọra ṣàn wọ páìpù ibi tí yìnyín ti ń dì, á pàdé háídírójìn níbẹ̀, á gbẹ, gbígbẹ tó sì ń gbẹ ló ń fa ooru jáde lára omi àti ẹja wa. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ibi iná á gbé e mì, wọ́n á jọ padà sídìí iná.

Àwọn páìpù tí ìṣàn yìí ń gbà kò dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Bí fìríìjì bá fì, apá kan páìpù á di kòtò, amóníà á lúgọ síbẹ̀, kò ní lè padà. Iná kò sì mọ̀ pé nǹkan kan kò padà, á máa jó lọ ni. Bí omi bá gbẹ nídìí iná, ooru á pọ̀ jù. Oògùn kan wà nínú omi náà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ooru àpọ̀jù á sọ ọ́ di ẹ̀tù, ẹ̀tù náà á sì dí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Bó bá ti dé ibẹ̀, ó ti parí nìyẹn, mímú kí ó dọ́gba kò lè tún un ṣe mọ́. Orí ló yọ mí.

Ó wá yé mi pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù yẹn ló wo fìríìjì mi sàn. Mo padà lọ bá a, mo ní kó fi ibi tó gbà rọ gáàsì hàn mí. Kò rí ibi kankan tọ́ka sí, torí kò sí. Kò dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Ó gbà mí tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo kọ́kọ́ wọn ọ́n: fífẹ̀ fìríìjì jẹ́ sẹ̀ntímítà 55, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì fi sẹ̀ntímítà mẹ́rin relẹ̀ ju ti òsì lọ. Fìríìjì àtijọ́ bíi tèmi kò lè gba ìyẹn. Mo ki pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, omi inú àwo sì dọ́gba. Mo tanná, mo kó kéréètì mínírà méjì sínú rẹ̀, mo sùn. Nígbà tí mo jí, omi inú àwo ti tún rọ́ sí ọ̀tún. Ẹrù ló tẹ pákó ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Kódà bí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú àwo ń sún. Mo wá ń wọn ìdúró ara mi mọ́ ti fìríìjì láìmọ̀!

Mo pe káfíńtà. Ó gbé lẹ́fẹ̀lì lé orí fìríìjì, ó ní ó ti gún. Àwo mi ní kò gún. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ìgbà tó gbé lẹ́fẹ̀lì kan náà wọnú ibi tí yìnyín ti ń dì ló rí i pé afẹ́fẹ́ kékeré inú gíláàsì rẹ̀ kò sí láàárín. Òrùlé fìríìjì àlòkù lè ti wọ́, ara rẹ̀ lè ti yẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí yìnyín ti ń dì ni kí a máa wọ̀n, láti ọ̀tún sí òsì, kí a sì tún wọ̀n ọ́n láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ti iwájú sí ẹ̀yìn yìí ni èmi gan-an kò rántí nígbà tí mo ń dá ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó bọ́ sábẹ́ ilé. Òpó igun yẹn ti ń rì sínú ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dákẹ́. A dúró de ìgbà tí omi fà, ọjọ́ méjì gbáko, kí káfíńtà tó rí àyè ri òpó tuntun mọ́lẹ̀. Ó wá gbé igi líle méjì sọdá orí òpó mẹ́ta, kí ìwúwo fìríìjì má baà wà lórí pákó ilẹ̀ mọ́. Mo kó ẹrù kún fìríìjì kí ó tó wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi dandan lé e, ó bínú, mi ò dá a lóhùn.

Mo fi í sílẹ̀ láìtanná mọ́jú, kí ohun tó ti lúgọ lè ṣàn padà. Mo tanná láàárọ̀. Bí wákàtí méjì sí i, mo fọwọ́ kan páìpù wíwé tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ìdí iná nìkan ló máa ń gbóná janjan, páìpù yìí á tutù bí òkú. Lọ́tẹ̀ yìí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ń hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kì í yá bíi ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ọjọ́ kejì ni omi tó dì.

Nígbà tí mò ń bi Bàbá bóyá ó yẹ kí n bẹ̀rù ìgbà tí a bá tún gbé e wọ ọkọ̀, wọ́n ní kí n má bẹ̀rù: bí ọkọ̀ bá ń mì, ohun inú páìpù ń lọ ó ń bọ̀, kò dúró sójú kan. Fífì tí kò padà ló ń pa á. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ni òórùn amóníà tó ń ta ni nímú, tàbí àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè lára páìpù ẹ̀yìn. Bí mo bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, kí n paná, kí n ṣí fèrèsé, kí n jáde.

Àwo pẹrẹsẹ yẹn ṣì wà nínú ibi tí yìnyín ti ń dì. Lálaalẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń bu omi sí i tuntun kí ó tó dì, mo sì máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì sí i wò.