Ínsúlínì Tó Pọ̀ Jù àti Ẹyin Tí Kò Jáde: Ìtọ́sọ́nà fún Obìnrin Tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Máa Ń Pẹ́

Bí obìnrin kan bá ti kúrò ní ọ̀dọ́langba, tí kò lóyún, tí kò sì fún ọmọ lọ́mú, àmọ́ tí iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì máa ń ju 35 lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹyin rẹ̀ má máa jáde déédéé. Ohun tó sábà máa ń fa èyí ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní Pí-Sí-Ó-Ẹ́ẹ̀sì, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ nítorí àwọn àpò omi kéékèèké tí wọ́n ń rí nínú ilé ẹyin. Orúkọ náà ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ obìnrin láìnídìí, torí pé àwọn àpò náà kì í ṣe kókó àìsàn tó yẹ kí wọ́n gé kúrò. Àpò ẹyin gan-an ni wọ́n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, tí wọ́n sì dúró sójú kan.

Kí a tó lè mọ ìdí tí wọ́n fi dúró, a ní láti mọ iṣẹ́ ínsúlínì. Ínsúlínì ni họ́mónù tó ń sọ fún iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá pé kí wọ́n gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Nínú ara ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àìsàn yìí, àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò tètè gbọ́ ohun tí ínsúlínì ń sọ, bíi ti ẹni tí etí rẹ̀ le. Kí ni ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ yóò ṣe? Yóò gbé ohùn sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe máa ń tú ínsúlínì púpọ̀ sí i jáde kí ṣúgà lè wọlé. Ilé ẹyin ni ìṣòro náà wá bá, nítorí pé etí tirẹ̀ kò le. Ariwo tí a ń pa mọ́ iṣan ni ilé ẹyin ń gbọ́ kedere, ó sì ń dáhùn nípa ṣíṣe họ́mónù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà kan náà, ínsúlínì ń dín ohun kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ìyẹn ohun tó máa ń di họ́mónù ọkùnrin mú nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó má bàa ráyè ṣiṣẹ́. Ibi méjì ni ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún họ́mónù ọkùnrin nìyẹn, òun ló sì ń fa irun àgbọ̀n àti irorẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀.

Ní oṣù tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, àpò ẹyin kan ṣoṣo máa ń ya àwọn yòókù sílẹ̀, á dàgbà dé nǹkan bí 20 mílímítà, á sì bẹ́ kí ẹyin lè jáde. Níbi tí họ́mónù ọkùnrin àti ínsúlínì bá ti pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà kọjá nǹkan bíi mílímítà mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tó ń ṣíwájú. Nígbà tí ẹyin kò bá jáde, kò sí purojẹsitírọ́ọ̀nù, ìyẹn họ́mónù tó ń mú kí ara ilé ọmọ dúró dáadáa, tó sì ń mú kí ó wó lásìkò bí oyún kò bá dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 28, tó wọn 84 kílò. Ó ṣe àkọsílẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì rí i pé ọjọ́ 46, 43 àti 45 ló wà láàárín wọn. Wọ́n yẹ purojẹsitírọ́ọ̀nù rẹ̀ wò ní ọjọ́ 21, ó kéré, wọ́n sì sọ fún un pé ẹyin rẹ̀ kò jáde. Àyẹ̀wò yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹyin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn èyí tó lọ. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń dé ní ọjọ́ 45, ọjọ́ 31 ni ẹyin ì bá jáde, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ 38, ló sì yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń sọkún lórí èsì àyẹ̀wò tí wọ́n kàn ṣe lọ́jọ́ tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà ní ọjọ́ 38, tí ó sì tún kéré, ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé lóòótọ́ ni ẹyin kò jáde. Igi àyẹ̀wò tí a ń fi ìtọ̀ ṣe nílé láti mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde náà lè ṣini lọ́nà, nítorí pé họ́mónù tí igi náà ń wá sábà máa ń ga nígbà gbogbo nínú àìsàn yìí.

Awọ ọrùn obìnrin yìí dúdú, ó sì nípọn bí aṣọ ìnura, bẹ́ẹ̀ ni fífọ̀ kò mú un kúrò, torí pé àmì ínsúlínì tó pọ̀ ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣúgà rẹ̀ ní àárọ̀ kí ó tó jẹun jẹ́ 5.2 mmol/L, èyí tó dára. Àmọ́ wọ́n fún un ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 mu, nígbà tó sì di wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó jẹ́ 8.6, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó ti wà nísàlẹ̀ 7.8. Àyẹ̀wò àárọ̀ nìkan ì bá ti fi ìṣòro náà pamọ́. Obìnrin tí kò sanra náà lè ní ìṣòro yìí, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán lé e kúrò.

Wọ́n tún ní láti yẹ táírọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà ní iwájú ọrùn, àti họ́mónù wàrà wò, torí pé àwọn náà lè dá nǹkan oṣù dúró. Bí ó bá ń wá ọmọ, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ wò pẹ̀lú kí ó tó lo oògùn kankan.

Ìtọ́jú ní láti dé ìdí ariwo ínsúlínì náà. Fún ẹni tó bá sanra, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara tó bá dínkù lè mú kí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fún obìnrin 84 kílò yìí, kílò 4.2 ni ìbẹ̀rẹ̀. Eré ìdárayá tó ń lo iṣan ń ṣe é ní àǹfààní kódà bí òṣùwọ̀n kò bá tíì sọ̀kalẹ̀, torí pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń gba ṣúgà láìsí ariwo púpọ̀. Dókítà lè fún un ní mẹtifọ́míìnì, oògùn tó ń jẹ́ kí ara túbọ̀ gbọ́ ohun tí ínsúlínì ń sọ, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré pẹ̀lú oúnjẹ kí inú má bàa rú. Bí ó bá ń wá ọmọ, lẹ́tírósọ́ọ̀lù ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò láti mú kí ẹyin jáde, ọjọ́ márùn-ún péré ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, pẹ̀lú àmójútó, torí pé ìbejì lè wáyé.

Bí nǹkan oṣù bá kọjá ọjọ́ 90 láìdé, tí kò sì sí oyún, kí ó lọ rí dókítà láìpẹ́: ara ilé ọmọ tó ń nípọn láìwó lè di jẹjẹrẹ bí ọdún bá ti ń lọ, oògùn sì wà láti mú un wó. Ẹni tí kò sì fẹ́ ọmọ lásìkò yìí ní láti máa fètò sí ọmọ bíbí láti ọjọ́ tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹyin àkọ́kọ́ lè jáde kí nǹkan oṣù kankan tó fi hàn.