Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ilé kan kọ ní Òkè-Báálẹ̀

Èèyàn mẹ́rin ni mo mú lọ wo ilé kan ṣoṣo ní Òkè-Báálẹ̀, nílùú Òṣogbo, láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kejì, kò sì sí ẹni tó gbà á nínú wọn. Owó ọkọ̀ lọ, àkókò lọ. Ẹni kẹta bi mí níwájú onílé pé ṣé ilé tí mo kọ nípa rẹ̀ nìyí. Ó dùn mí, torí ilé náà kò burú. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ló burú: "Yàrá méjì tó gbòòrò, omi wà nígbà gbogbo, kò jìnnà sí títì rárá."

"Gbòòrò" ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́, téépù sì rọ́pò rẹ̀. Inú yàrá ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, láti ara ògiri dé ara ògiri. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ìta, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún lósì yóò fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ kún un lásán. Yàrá ńlá jẹ́ 12 × 12, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri gba ẹsẹ̀ bàtà méjì, nítorí náà 10 × 12 ni mo kọ. Bẹ́ẹ̀dì 6 × 6 wọ̀ ọ́, àyè ìrìn sì ṣẹ́kù.

Omi ló dá mi dúró. Kíátékà ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi kì í tán nílé yìí." Ohun tí mo gbọ́ ní oṣù kẹsàn-án nìyẹn, tí kànga kún dé òkè, tí èmi náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń bí mi nínú títí di òní pé mi ò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ayálégbé dáadáa lọ́jọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì ló tò lọ bẹẹrẹ níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ilé tí omi ti ń ṣàn nígbà gbogbo, ta ni yóò máa to kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀?

Nígbà tí mo padà lọ, mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sínú kànga, mo sì wọn ibi tí okùn ti tutù. Omi ibẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Kànga náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, nítorí náà gbogbo omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 600 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélógún. Ìdílé mẹ́rin ló ń pín in: kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró kó tún sun. Táǹkì onílítà 2,000 tó wà lókè kò lè kún láé lásìkò yẹn.

Kì í ṣe pé kíátékà ń purọ́. Orí àpáta ni Òṣogbo wà. Ibi tí agbẹ́kànga bá ti kan àpáta ló máa ń dúró, omi tó wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ òkè àpáta nìkan ni kànga sì ń gbà. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, omi yẹn á máa lọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ "omi wà" láì sọ irú omi tó jẹ́, ohun tó ń fà á sókè, àti oṣù tí ẹ wò ó. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kànga àfọwọ́gbẹ́ àti bóhóòlù tó wọnú àpáta, bí ẹ̀rọ kan náà tilẹ̀ ń fa méjèèjì.

Ti títì kò pẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, fóònù sì wọ̀n ọ́n: 650 mítà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo fi kún un pé 200 mítà tó kẹ́yìn kò ní ọ̀dà, torí èyí gan-an ni onímọ́tò fẹ́ mọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí:

"Yàrá méjì, Òkè-Báálẹ̀. Yàrá ńlá 10 × 12 lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, yàrá kékeré 10 × 10. Kànga àfọwọ́gbẹ́, ẹ̀rọ iná ló ń fa omi lọ sí táǹkì. Ìdílé mẹ́rin ló ń lò ó. Ní oṣù kejì, nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ló ń kan ìdílé kan kí kànga tó tún sun. Mítà iná jẹ́ ti yín nìkan. 650 mítà sí títì, 200 mítà tó kẹ́yìn kò ní ọ̀dà."

Onílé bínú, ó ní mo ń ba ọjà òun jẹ́. Mo fi okùn tútù yẹn hàn án. Ẹni méjì péré ló pè lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì sì ti mọ̀ nípa omi kí wọ́n tó wá. Ẹnì kejì béèrè ibi tí òun lè gbé dúrọ́ọ̀mù sí, ó sì san owó ilé.