Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pípín ófáhẹ́ẹ̀dì nílé ìtẹ̀wé

Ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú mọ iye bébà àti íńkì tó wọ inú kàlẹ́ńdà oníbàárà kan. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ìwọ̀n tí kàlẹ́ńdà náà yóò rù nínú owó ilé, dísù jẹnẹrétọ̀, àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó oṣù alábòójútó. Àwọn ìnáwó yìí ni oníṣirò ń pè ní ófáhẹ́ẹ̀dì. A kì í mọ àpapọ̀ wọn títí ọdún á fi parí, nítorí náà a máa ń fojú díwọ̀n wọn ṣáájú, a ó sì dá iye kan tí wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa rù.

Ẹ má dá iye tuntun lóṣooṣù. Ká ní ìnáwó tí kì í yí padà, bí owó ilé, jẹ́ mílíọ̀nù 1 náírà lóṣù. Ní oṣù tí iṣẹ́ dá, tí ẹ̀rọ ṣe wákàtí 250 péré, wákàtí kan á ru 4,000 náírà. Ní oṣù kọkànlá, tí kàlẹ́ńdà àti dáyárì ti ya wọlé, ẹ̀rọ lè ṣe wákàtí 800, wákàtí kan á sì wálẹ̀ sí 1,250. Bébà kan náà, ẹ̀rọ kan náà, àmọ́ oṣù tí ẹ ń wá oníbàárà lójú méjèèjì ni ẹ ó pe owó tó ga jù. Ọdún kan gbáko ni kí ẹ fi ṣe é.

Ẹ má ka wákàtí tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ẹ̀rọ méjì, ọjọ́ iṣẹ́ 250 lọ́dún, wákàtí 12 lójúmọ́, ó di wákàtí 6,000. Bí ófáhẹ́ẹ̀dì ọdún bá jẹ́ mílíọ̀nù 18, wákàtí kan á ru 3,000 náírà: mílíọ̀nù 12 tí kì í yí padà mú 2,000 wá, mílíọ̀nù 6 tó ń bá iṣẹ́ rìn, dísù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mú 1,000 wá. Ẹni tó bá ka wákàtí 24 fún ọjọ́ 365 á rí wákàtí 17,520, iye rẹ̀ á sì já sí nǹkan bí 1,027 náírà. Iṣẹ́ á dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú, oníbàárà á máa yọ̀, ìparí ọdún ni ihò náà á tó fojú hàn.

Wákàtí ẹ̀rọ la lò níbí nítorí pé ẹ̀rọ ló ń jẹ dísù. Níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ di ìwé, wákàtí òṣìṣẹ́ ló bá a mu.

Ẹ má fi 3,000 náírà yẹn sọ wákàtí tí ẹ fojú díwọ̀n di púpọ̀. Wákàtí tí ẹ̀rọ ṣe ní ti gidi ni kí ẹ lò. Ká ní wákàtí 5,200 ló ṣe: ẹ ti pín 15,600,000 náírà sórí iṣẹ́. Ìwé ìsanwó sì fi hàn pé 17,400,000 lẹ ná. Ó ku 1,800,000 tí ẹ kò pín. Ẹ̀gbẹ́ dẹ́bíìtì àkáǹtì ófáhẹ́ẹ̀dì ló máa jókòó sí, kírẹ́díìtì ni ẹ ó fi pa á, ìnáwó yóò sì lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì, tí wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú iye owó tí ọjà tí wọ́n tà ná wọn. Èrè wọn á wá wú lásán.

Èyí tó léwu jù lọ ni pé kí ẹ pín 1,800,000 yẹn láìbèèrè ohun tó fà á. Ẹ kọ́kọ́ là á sí méjì. Wákàtí 800 tí ẹ̀rọ fi dákẹ́, lọ́nà 2,000 náírà, jẹ́ 1,600,000. Dísù àti irú rẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ 5,200,000 gba 5,400,000, ìyẹn 200,000 tó kù.

Òfin ìṣirò àgbáyé IAS 2 kò gbà kí owó ẹ̀rọ tó dákẹ́ wọ inú iye ọjà tó wà nílẹ̀. Inú ìnáwó ọdún náà ni 1,600,000 ń lọ tààrà. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà tí oníbàárà kò tíì gbé, ẹ ń pe àdánù ní ọjà.

200,000 náírà ni ẹ lè pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ní ìbámu pẹ̀lú ófáhẹ́ẹ̀dì tó ti wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí 10% nínú 15,600,000 bá wà lára iṣẹ́ tí kò tíì parí, 15% lára èyí tó parí tó ṣì wà nílẹ̀, 75% lára èyí tí ẹ ti tà, á di 20,000, 30,000 àti 150,000. Ẹ má fi àpapọ̀ iye ọjà pín in o: bébà ọ̀wọ́n á fa ìpín tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí owó náà bá kéré lójú ìwé yín, ẹ lè da gbogbo 200,000 sórí ọjà tí ẹ ti tà, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ pín kọjá ohun tí ẹ ná ńkọ́? Kírẹ́díìtì ló máa jókòó sí, dẹ́bíìtì ni ẹ ó fi pa á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ju bó ti máa ń ṣe lọ gan-an ló fà á, ẹ gbọ́dọ̀ dín ìpín tó wà lára ọjà tó wà nílẹ̀ kù pẹ̀lú, kí ọjà má bàa wà nínú ìwé ní iye tó ju ohun tó ná yín lọ.